Bí a ṣe ń to àgbéjáde oṣù kan sílẹ̀ fún òwò kékeré nígbà tí àyè kò sí: àpẹẹrẹ oníṣòwò àdìrẹ

Ẹni tó ń dá ṣòwò ló ń ra ọjà, òun ló ń rẹ aṣọ, òun ló ń ka owó, òun náà ló tún máa gbé ẹrù lọ sí gáréèjì. Bó bá di pé kó máa jókòó láràárọ̀ kó máa ro ohun tí yóò gbé sórí WhatsApp àti Instagram, kò ní pẹ́ tí yóò fi sú u. Gbígbé àwòrán kan sórí ayélujára kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìrònú tó ṣáájú rẹ̀ ló ń jẹ àkókò. Iṣẹ́ kàlẹ́ńdà, ìyẹn ìwé tí a to ọjọ́ àti ohun tí a ó gbé jáde sí, ni pé kó kó ìrònú ọgbọ̀n ọjọ́ sí ìjókòó kan, kó fi jẹ́ pé ìfọwọ́ṣe nìkan ló máa kù láàárín oṣù.

Mo fẹ́ fi oníṣòwò àdìrẹ kan ní ọjà Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní ọmọ iṣẹ́ kan, fóònù kan, àti ilé tí wọ́n ń retí rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Oṣù tí a ó tò fún un ni oṣù Kọkànlá ọdún 2026. Wákàtí kan fún ètò, méjì fún àwòrán, wákàtí kan àtààbọ̀ fún ọ̀rọ̀ kíkọ àti títò ó sórí ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́jọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní wákàtí márùn-ún lóṣù. Dídá oníbàárà lóhùn kò sí nínú rẹ̀, torí ìyẹn ni ọjà títà fúnra rẹ̀.

Ẹ ka ọjọ́ padà sẹ́yìn láti ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wọ aṣọ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a fa ìlà ọgbọ̀n sínú ìwé, wọ́n á wá máa wá ohun tí wọn yóò fi kún un. Kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu wọn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé «ẹ kú ọjọ́ Ajé» jáde. Ẹ má gba ibẹ̀ yẹn wọlé. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ọjọ́ wo ni oníbàárà máa lo ọjà yìí, kí ẹ sì ka ọjọ́ padà.

Ọjọ́ Ẹtì ni Kérésìmesì ọdún 2026 bọ́ sí. Ẹni tó bá fẹ́ wọ àdìrẹ lọ́jọ́ náà, télọ̀ ló máa kọ́kọ́ gbé e fún, télọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ sì kún kì í gba aṣọ ọdún mọ́ bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé tán. Nítorí náà, aṣọ gbọ́dọ̀ ti tẹ oníbàárà lọ́wọ́ ní Àbámẹ́ta, ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá. Bó bá jẹ́ àǹkóò tí ẹbí kan fẹ́ kí a dìídì rẹ fún wọn, oníṣòwò wa nílò ọ̀sẹ̀ méjì fún ríra aṣọ funfun, ìyàwòrán, rírẹ, fífọ̀ àti sísá. Ìyẹn ni pé Àbámẹ́ta, ọjọ́ 14, ni kó ti ìwé iṣẹ́ àǹkóò. Ọjọ́ méjì yìí, 14 àti 28, ni òpó tí gbogbo oṣù náà rọ̀ mọ́. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ kí ẹ tó kọ ohunkóhun mìíràn.

Ẹ wá wo owó. Ẹni tó ń gba owó oṣù ń gbà á láti nǹkan bí ọjọ́ 25 lọ. Owó oṣù Kẹwàá ṣì wà lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kọkànlá, ó ti ń gbẹ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òmíràn sì wọlé ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Wàhálà wà níbẹ̀: ìwé àǹkóò ń tì ní ọjọ́ 14, kí owó tuntun tó dé. Bí a kò bá rí èyí ṣáájú, a ó máa pariwo àǹkóò lọ́jọ́ 12 sí etí àwọn tí àpò wọn ti gbẹ. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí a bẹ̀rẹ̀ ìpolówó àǹkóò ní ọjọ́ 2 gan-an, kí a gba ìdajì owó sílẹ̀, kí wọ́n san ìyókù nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gba aṣọ. Lẹ́yìn ọjọ́ 14, aṣọ tó ti wà nílẹ̀ la ó máa tà, kí ó bá owó oṣù tuntun pàdé.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ ka ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Bí ọwọ́ yín kò bá lè ṣe ju àǹkóò ẹbí mẹ́rin lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́rin náà ni kí kàlẹ́ńdà polówó. Àgbéjáde tó dára ju agbára iṣẹ́ lọ máa ń sọ ọjà títà di ẹ̀bẹ̀ bíbẹ̀.

Ojú òpó kan ni àgbà, ìyókù ń tẹ̀lé e

Fún irú òwò yìí, WhatsApp ni mo máa fi ṣe àgbà. Ibẹ̀ ni ìdúnàádúrà ń parí sí. Àmọ́ ẹ mọ ààlà rẹ̀: Status yín kò lè hàn sí ẹni tí kò fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù rẹ̀, ẹ̀yin náà sì gbọ́dọ̀ fi tirẹ̀ pamọ́. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní nọ́ńbà yín. Nítorí náà, bí ẹni kan bá ti sanwó, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi nọ́ńbà yín pamọ́ kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Èyí ṣe pàtàkì ju kí ẹ máa wá ẹgbẹ̀rún olùtẹ̀lé tí wọn kò ra nǹkan kan rí.

Instagram àti Facebook ni a ó fi ṣe ìta, níbi tí ẹni tí kò mọ̀ yín ti lè rí yín. Ohun kan náà la ó gbé sórí méjèèjì. Ojú òpó kẹrin, ẹ fi sílẹ̀ ná.

Ohun tí a ó máa sọ: oríṣi mẹ́rin péré

Àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ ọwọ́ fúnra rẹ̀. Èkejì ni ọjà pẹ̀lú iye owó rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìbéèrè tí àwọn oníbàárà ń bi yín, ẹ̀kẹrin ni ẹni tó ti rà á tó sì wọ̀ ọ́. Lórí ẹ̀kẹrin yìí, ẹ gba àyè lọ́wọ́ onítọ̀hún kí ẹ tó gbé àwòrán rẹ̀ jáde, pàápàá bí ọmọdé bá wà nínú rẹ̀.

Ìbéèrè ni àwọn ènìyàn máa ń fojú fò, òun ló sì rọrùn jù. Ẹ ṣí ogún ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tó kẹ́yìn lórí WhatsApp yín, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí wọ́n béèrè kí wọ́n tó sanwó. Ẹ ó rí i pé ohun kan náà ni wọ́n ń tún bi: ṣé ó máa ń ṣí? Báwo ni mo ṣe máa fọ̀ ọ́? Kí ni yáàdì márùn-ún máa rán? Ṣé ẹ lè fi ránṣẹ́ sí Ìlọrin? Ìdáhùn tí ẹ ti tẹ̀ fún ẹnì kan tẹ́lẹ̀, òun náà ni àgbéjáde. Bí àpẹẹrẹ: «Ìfọ̀ àkọ́kọ́, aró tó kù lára aṣọ máa ń jáde. Ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, ẹ lo omi tútù, ẹ sá a sí ibòji.» Ó tán. Kò nílò ọ̀rọ̀ dídùn kankan lórí rẹ̀.

Oṣù náà lórí ìwé

Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ti tó: ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì. Nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2026, ìyẹn jẹ́ ọjọ́ 13. Mọ́kànlá la ó kún, a ó fi méjì sílẹ̀ lófìfo fún ohun tí a kò lè rí ṣáájú. Ìjókòó yìí wáyé lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, 25 oṣù Kẹwàá, pẹ̀lú ìwé àti báírò.

| Ọjọ́ | Ohun tí a ó gbé jáde |
|---|---|
| Ajé 2 | Fídíò aṣọ tó ń jáde nínú aró. A ti ń gba iṣẹ́ àǹkóò, a ó ti ìwé ní ọjọ́ 14 |
| Ọjọ́rú 4 | Àwọn àwòrán mẹ́ta tí ẹbí lè yàn, iye owó, ìdajì owó sílẹ̀ |
| Ẹtì 6 | Ẹbí kan tó ti wọ àǹkóò wa rí |
| Ajé 9 | Ìbéèrè: ṣé ó máa ń ṣí? |
| Ọjọ́rú 11 | Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí a ti ìwé |
| Ẹtì 13 | Ọ̀la ni; ohun tí ẹ máa fi ránṣẹ́ kí orúkọ yín lè wọlé |
| Ajé 16 | Fídíò ọwọ́ tó ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí a ń fi ẹ̀kọ yà |
| Ọjọ́rú 18 | Ìbéèrè: kí ni yáàdì márùn-ún máa rán? |
| Ẹtì 20 | Òfìfo |
| Ajé 23 | Aṣọ tó wà nílẹ̀, ìpín kìíní, pẹ̀lú iye owó |
| Ọjọ́rú 25 | Aṣọ tó wà nílẹ̀, ìpín kejì |
| Ẹtì 27 | Ẹrù tó ń lọ sí gáréèjì. Ọ̀la ni ọjọ́ ìkẹyìn fún aṣọ tó ń lọ sọ́dọ̀ télọ̀ |
| Ajé 30 | Òfìfo |

Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀sẹ̀ kẹta kò fi bẹ́ẹ̀ tajà. Owó ti gbẹ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn nígbà yẹn, àwa náà sì ń rẹ aṣọ lọ́wọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ àti ìmọ̀ la fi ń mú wọn dání títí owó oṣù á fi dé.

Status WhatsApp ń parẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24, nítorí náà a lè gbé e léraléra. Ohun tó wà nínú àtẹ yìí náà ni a ó gé sí wẹ́wẹ́ fún un: bí fídíò bá jáde lọ́jọ́ Ajé, àwòrán kan nínú rẹ̀ á lọ sórí Status lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pẹ̀lú iye owó. A kò ní ronú ohun tuntun kankan.

Yíya àwòrán lọ́jọ́ kan

Ọjọ́ tí ẹ ti fẹ́ rẹ aṣọ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ yàn. Ẹ má dá ọjọ́ mìíràn fún fídíò. Oníṣòwò wa mú Ọjọ́bọ̀, 29 oṣù Kẹwàá, ó sì fi ọjọ́ Ẹtì ṣe àyípadà bí òjò bá rọ̀.

Ẹ fi aṣọ mọ́ nu ojú kámẹ́rà, torí ọwọ́ aláró kì í mọ́. Ẹ gbé fóònù ró lóòró. Ẹnu ọ̀nà tàbí abẹ́ ibòji láàárọ̀ ló dára jù, níbi tí oòrùn kò ti kọlu aṣọ tààrà. Fún ohun kọ̀ọ̀kan, ẹ ya mẹ́ta: gbogbo aṣọ lẹ́ẹ̀kan, àwòrán rẹ̀ láti ìtòsí, àti bó ṣe rí lára ènìyàn. Kí fídíò má ju bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.

Fídíò kan wà tí n kò ní jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ oníṣòwò àdìrẹ kankan. Aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró kì í dúdú lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń jáde bí ewé tó fẹ́ pọ́n, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di àwọ̀ aró bó ṣe ń kàn án. Ẹ jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ di fóònù mú lójú kan, kó má gbé e kiri, kí ẹ fa aṣọ náà sókè, kí ẹ sì dúró. Ẹni tó bá ń wò ó máa rí i bí àwọ̀ ṣe ń yí padà lójú ara rẹ̀. Kò sí orin tàbí ọ̀ṣọ́ tó lè polówó aṣọ tó bẹ́ẹ̀, ó sì tún fi hàn pé ọwọ́ yín ni ẹ fi ń ṣe é, ẹ kò ra aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀.

Àwọ̀ ni ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Gílóòbù pupa ń sọ aró di ewú, fóònù mìíràn sì ń fi kún àwọ̀ láìjẹ́ pé a ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ìwé funfun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ nígbà tí ẹ bá ń yà á. Bí ìwé náà kò bá funfun nínú àwòrán, àwọ̀ aṣọ náà kì í ṣe òótọ́. Ẹ yí ibi tí ẹ dúró sí padà, kí ẹ tún un yà. Bí ẹ bá fojú fo èyí, ọ̀rọ̀ tí ẹ ó máa gbọ́ lọ́sẹ̀ kejì ni «èyí kọ́ ni mo rí lórí fóònù».

Ọ̀rọ̀ tí ó ń tẹ̀lé àwòrán

Lálẹ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 31, ẹ jókòó kọ mọ́kànlá náà léraléra sí ibì kan lórí fóònù. Nǹkan mẹ́rin ni oníbàárà fẹ́ mọ̀: kí ni èyí, èló ni, ìgbà wo ni mo lè rí i gbà, kí ni kí n ṣe. Bí ti Ọjọ́rú 4 ṣe rí nìyí:

«Àwòrán Olókun, Ìbàdàndùn, tàbí èyí tí ẹ bá yà wá fún wa. Yáàdì márùn-ún fún ẹnì kan, ₦… Ẹ san ìdajì sílẹ̀, a ó kó o fún yín kí ó tó di ọjọ́ 28, kí télọ̀ yín lè ráyè. Ẹ fi ÀǸKÓÒ àti iye ènìyàn ránṣẹ́ sórí WhatsApp wa.»

Ẹ kọ iye owó síbẹ̀. Èmi kò fara mọ́ «ẹ wá béèrè iye owó ní kọ̀rọ̀», torí ó ń fi ìbéèrè tí ẹ kò ráyè dáhùn kún iṣẹ́ yín, ẹni tí owó rẹ̀ kò tó náà á sì lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá yín kó tó lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tí ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́, bí ÀǸKÓÒ yẹn, ní iṣẹ́ méjì. Ó ń jẹ́ kó rọrùn fún ẹni tí ojú ń tì láti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó sì ń sọ fún yín irú àgbéjáde tó mú un wá. Ẹ lo ọ̀rọ̀ mìíràn fún aṣọ tó wà nílẹ̀, kí ẹ lè dá méjèèjì mọ̀.

Ohun kan tí ẹ kò gbọ́dọ̀ kọ sínú ọ̀rọ̀ tí ẹ ń tò sílẹ̀ ni «ó ku mẹ́fà». Kí ọjọ́ 23 tó dé, ó lè ti ku ẹyọ kan. Iye tó kù, orí Status ni kó wà, níbi tí ẹ ti ń fi ọwọ́ ara yín gbé e lọ́jọ́ náà gan-an.

Títò ó sórí ẹ̀rọ

Meta Business Suite wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń gbé ohun kan náà sórí Facebook àti Instagram lẹ́ẹ̀kan. Àkáǹtì Instagram yín gbọ́dọ̀ jẹ́ ti oníṣòwò, kí ẹ sì so ó mọ́ ojú ewé Facebook yín. Ẹ gbé àwòrán sí i, ẹ lẹ ọ̀rọ̀ tí ẹ ti kọ mọ́ ọn, ẹ fàmì sí ojú òpó méjèèjì, ẹ wá yan `Schedule` pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Bí ẹ bá ṣí `Planner`, ẹ ó rí gbogbo oṣù náà lójú kan. Ẹ fi àtẹ inú ìwé yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ọjọ́ tí a tẹ̀ ṣì ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù.

Aago wo ni kó jáde? Aago tí ẹ máa lè dá ènìyàn lóhùn láàárín wákàtí tó tẹ̀lé e. Bó bá jẹ́ aago mẹ́jọ alẹ́, lẹ́yìn tí ọmọ ti jẹun, ni ọwọ́ yín máa ń dilẹ̀, aago mẹ́jọ náà ni, kódà bí ẹlòmíràn bá ní ọ̀sán ló dára jù.

Ẹ ṣètò ìdáhùn kíákíá lórí WhatsApp Business bákan náà. Ẹ lè ṣe é pé bí ẹ bá tẹ `/fifo`, ìdáhùn lórí bí a ṣe ń fọ aṣọ á jáde, bí ẹ bá tẹ `/anko`, ìlànà àǹkóò àti nọ́ńbà àkáǹtì á jáde. Ẹ lẹ àmì `Pending payment` mọ́ ẹni tó ti sọ pé òun fẹ́ ṣùgbọ́n tí kò tíì sanwó. Ní ọjọ́ 12 àti ọjọ́ 26, àwọn wọ̀nyí ni kí ẹ kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí kí ẹ tó wá ẹni tuntun.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọjọ́ Àìkú

Ohun tí a tò sílẹ̀ kò mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ ṣí `Planner`, kí ẹ wo mẹ́ta tó ń bọ̀. Ṣé aṣọ yẹn ṣì wà? Ṣé iye owó ṣì jẹ́ bẹ́ẹ̀, tàbí aṣọ funfun ti gbówó lórí? Ṣé ìwé àǹkóò ti kún kó tó di ọjọ́ 14? Bó bá ti kún ní ọjọ́ 8, ẹ yọ ti ọjọ́ 11 àti 13, kí ẹ fa aṣọ tó wà nílẹ̀ wá síwájú. Bí ìròyìn ọ̀fọ̀ ńlá bá sì gba ìlú, ẹ dá àgbéjáde ọjọ́ náà dúró. Ìpolówó aṣọ ọdún láàárín ẹkún àwọn ènìyàn kì í dùn ún gbọ́.

Bí ẹ bá pàdánù ọjọ́ kan, ẹ má gbìyànjú láti san án padà ní ọjọ́ kejì. Ẹ jẹ́ kó lọ, àfi bó bá jẹ́ ti ọjọ́ 2 tàbí 13, torí àwọn wọ̀nyẹn ni wọ́n gbé ọjọ́ ìtìwé sọ́wọ́.

Ẹ lo ìṣẹ́jú méjì nínú mẹ́wàá yẹn fún ìṣirò. Ìlà mẹ́ta nínú ìwé: ẹni mélòó ló béèrè, ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n fi ránṣẹ́, mélòó ló sanwó. Bí àwọn ènìyàn bá ń wò ó tí wọn kò sì béèrè, iye owó tàbí ohun tí ẹ ní kí wọ́n ṣe kò hàn dáadáa. Bí wọ́n bá ń béèrè tí wọn kò sì sanwó, ẹ wo bí ẹ ṣe ń pẹ́ tó kí ẹ tó dáhùn, lẹ́yìn náà ẹ wo bóyá owó ọkọ̀ ló ń dẹ́rù bà wọ́n.

Nígbà tó bá di ọjọ́ Àìkú, 29 oṣù Kọkànlá, ẹ mú ìwé ìṣirò yìí jókòó ti kàlẹ́ńdà oṣù Kejìlá. Mẹ́ta tó mú ìbéèrè wá jù, ẹ tún wọn gbé pẹ̀lú aṣọ mìíràn. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò béèrè nípa rẹ̀, ẹ yọ ọ́. Télọ̀ ti ń ti ìwé tiwọn lásìkò yẹn, nítorí náà ohun tí kò nílò rírán ni kí ẹ kó síwájú: ìborùn, fìlà, aṣọ tábìlì, àti búbù tí ẹ ti rán sílẹ̀.